Epo Wo Ni Ká Dà Síbẹ̀?

Ẹ ka gbólóhùn yìí: "Ṣàyẹ̀wò ìpele epo kí o tó kún epo, kí o sì lo epo tí a dámọ̀ràn nìkan." Irú rẹ̀ ni ẹ̀rọ ògbufọ̀ máa ń gbé jáde bí wọ́n bá ní kó túmọ̀ ìwé ìlò jẹnẹrétọ̀ láti èdè Gẹ̀ẹ́sì sí Yorùbá. Kò sí ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀ tí ọmọ Yorùbá kò gbọ́ rí, àmì ohùn rẹ̀ sì pé. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá dúró ti jẹnẹrétọ̀, tó gbé kẹ́ẹ̀gì bẹntiróòlù sí ọ̀tún, tó gbé ike ọ́ìlì sí òsì, kò lè mọ ohun tí wọ́n ní kó ṣe. Epo wo ni kó yẹ̀ wò? Èwo ni kó dà? Nínú Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ti mú ọ̀rọ̀ náà wá, orúkọ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló wà níbẹ̀: ọ̀kan fún bẹntiróòlù tí ẹ̀ńjìnnì ń jó, èkejì fún ọ́ìlì tó ń jẹ́ kí àwọn irin inú ẹ̀ńjìnnì máa yọ̀ lára ara wọn. Ẹ̀rọ ògbufọ̀ pe àwọn méjèèjì ní epo, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ohun tó lè tẹ̀yìn rẹ̀ yọ kì í ṣe kékeré. Nínú jẹnẹrétọ̀ fóò-sitíróòkù, irú èyí tó pọ̀ nínú ilé àti ṣọ́ọ̀bù wa, táńkì bẹntiróòlù wà lókè, ihò tí wọ́n ń da ọ́ìlì sí sì wà nísàlẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ ẹ̀ńjìnnì. Bí èèyàn bá da bẹntiróòlù sí ihò ọ́ìlì, ọ́ìlì á ṣàn bí omi, irin á bẹ̀rẹ̀ sí í ha irin, ooru á pọ̀, ẹ̀ńjìnnì á nọ́ọ̀kì. Bó bá sì da ọ́ìlì sí táńkì, èéfín á bo gbogbo àgbàlá, pulọ́ọ̀gì á dọ̀tí, jẹnẹrétọ̀ á sì kọ̀ láti tan. Ohun tó tún mú ọ̀rọ̀ náà le ni pé ọ̀pọ̀ èèyàn ti lo jẹnẹrétọ̀ kékeré tú-sitíróòkù rí, èyí tí wọ́n fi ń ṣe àwàdà pé ẹni tó ní in sàn ju aládùúgbò rẹ̀ lọ. Nínú ìyẹn, ńṣe ni wọ́n máa ń po ọ́ìlì mọ́ bẹntiróòlù kí wọ́n tó dà á sí táńkì. Ẹni tí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ti mọ́ lára, tó wá ka ìwé tó ní kó da epo lé epo, kò ní rí ohun tó ṣàjèjì nínú rẹ̀ rárá.

Iṣẹ́ ẹni tó ń tún Yorùbá ẹ̀rọ ṣe ni kó rí irú nǹkan yìí kí ìwé tó dé ọwọ́ oníbàárà. Ó ti wá di iṣẹ́ gidi láàárín àwọn ògbufọ̀. Ilé iṣẹ́ á ti fi ìwé ìlò sínú ẹ̀rọ, ẹ̀rọ á ti túmọ̀ rẹ̀ ní ìṣẹ́jú díẹ̀, wọn á wá gbé e fún èèyàn pé kó tún un ṣe. Lójú kọ̀ǹpútà, Gẹ̀ẹ́sì á wà lápá kan, Yorùbá ẹ̀rọ á wà lápá kejì, gbólóhùn kọ̀ọ̀kan nínú àpótí tirẹ̀. Àjọ tó ń gbé ìlànà iṣẹ́ kalẹ̀ fún gbogbo ayé ti ṣe ìlànà fún un láti ọdún 2017, nọ́ńbà rẹ̀ sì ni ISO 18587. Ìlànà yẹn ya àtúnṣe fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, èyí tó kàn fẹ́ kí ọ̀rọ̀ ṣe é lóye, sọ́tọ̀ kúrò lára àtúnṣe kíkún, èyí tó fẹ́ kí iṣẹ́ náà rí bí èyí tí èèyàn túmọ̀ fúnra rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Fún ìwé ìlò ohun tó ń gbóná, tó ń jó epo, tó sì ń gbé iná jáde, èmi kò rí ààyè kankan fún àtúnṣe fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́.

Ká tó tún un ṣe, ó yẹ ká mọ ìdí tí ẹ̀rọ fi ń kọ báyìí. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ògbufọ̀ ń ṣiṣẹ́ ní gbólóhùn kọ̀ọ̀kan. Bó bá ti túmọ̀ èyí tó wà lójú ìwé kẹta tán, kò ní rántí orúkọ tó lò níbẹ̀ mọ́ nígbà tó bá dé ojú ìwé kẹsàn-án. Èkejì ni irú Yorùbá tí wọ́n fi kọ́ ọ. Gúgù fi Yorùbá kún ẹ̀rọ ògbufọ̀ rẹ̀ ní ọdún 2013, àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn sì ti ṣe tiwọn lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù nínú Yorùbá tó ní Gẹ̀ẹ́sì lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí àwọn onímọ̀ rí kó jọ jẹ́ Bíbélì àti ìwé ẹ̀sìn. Ìgbà tó yá ni àwọn kan fi ìròyìn àti ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́ kún un. Ẹ̀rọ tó jẹ́ pé inú ìwé ẹ̀sìn ló ti gbọ́ èdè wa kò lè mọ orúkọ tí àwọn mẹkáníìkì ń pe ọ̀pá ìwọn ọ́ìlì. Bó bá dé ibẹ̀, ńṣe ló máa ń mú ọ̀rọ̀ tó bá ṣáà jọ ọ́.

Ìdí nìyí tí orúkọ fi máa ń pọ̀ lórí ohun kan ṣoṣo. Nínú ìwé kan náà, jẹnẹrétọ̀ lè di "ẹ̀rọ amúnáwá" lójú ewé àkọ́kọ́, kó di "mọ̀nàmọ́ná" ní èkejì, kó di "olùpilẹ̀ṣẹ̀" ní ẹ̀kẹta, kó sì wá di "ẹ̀rọ" lásán, títí tí òǹkàwé kò fi ní mọ̀ bóyá ẹ̀ńjìnnì ni wọ́n ń bá wí tàbí gbogbo jẹnẹrétọ̀ lápapọ̀. Asẹ́ tó ń gba eruku lára afẹ́fẹ́ lè di "àlẹ̀mọ́", tó jẹ́ pé ohun tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara ògiri ni Yorùbá ń pè bẹ́ẹ̀. Ṣóòkù, ohun tí wọ́n ń fà kí ẹ̀ńjìnnì tútù lè tan, lè di "ìfúnlọ́rùn", nítorí pé Gẹ̀ẹ́sì lo ọ̀rọ̀ kan náà fún ẹni tí wọ́n fún lọ́rùn. Èéfín tó ń jáde lára sàlẹ́ńsà lè di "àárẹ̀". Àwọn ohun èlò tí a so mọ́ jẹnẹrétọ̀, bíi fíríìjì àti fáànù, lè di "ẹrù", kí wọ́n sì wá kìlọ̀ fún oníbàárà pé kó má di ẹrù tó pọ̀ jù lé e.

Ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ tí mo gbà pé ó tọ́ ni kí atúnṣe má fọwọ́ kan gbólóhùn kankan ná. Kó kọ́kọ́ ka gbogbo ìwé Gẹ̀ẹ́sì já, kó máa kọ orúkọ ohun kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ bó ṣe ń rí i. Nínú ìwé ìlò jẹnẹrétọ̀ kékeré, orúkọ wọ̀nyí kì í pọ̀ ju ohun tí ojú ìwé méjì lè gbà. Lẹ́yìn náà, kó lọ bá àwọn tó ń pe orúkọ wọ̀nyí lójoojúmọ́: mẹkáníìkì jẹnẹrétọ̀ tó wà ládùúgbò, àti àwọn tó ń ta ẹ̀yà rẹ̀, bíi ti ọjà Aláàbà ní Òjó, l'Ékòó. Kó na ọwọ́ sí nǹkan, kó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ̀ ń pe èyí?" Ibẹ̀ ni yóò ti gbọ́ pé pulọ́ọ̀gì ni wọ́n ń wí, pé sàlẹ́ńsà ni ibi tí èéfín ń gbà jáde, pé ọ́ìlì ni ọ́ìlì, epo sì ni bẹntiróòlù.

Àríyànjiyàn kan wà níbí tí àwọn olùfẹ́ èdè máa ń ṣe, pé kí atúnṣe wá orúkọ Yorùbá pọ́ńbélé fún gbogbo ẹ̀yà ara ẹ̀rọ. Mo mọ ohun tó ń dùn wọ́n, ó sì ń dun èmi náà. Ṣùgbọ́n ìwé ìlò ni a ń sọ. Oníbàárà tí pulọ́ọ̀gì rẹ̀ bàjẹ́ yóò mú ìwé náà lọ́wọ́ lọ sí ọjà, yóò sì pe ohun tó kà níbẹ̀ fún ẹni tó ń tà. Bí ìwé bá pè é ní "ohun èlò ìtanná" tí ọlọ́jà sì mọ̀ ọ́n sí pulọ́ọ̀gì, wọn ò ní gbọ́ ara wọn yé. Níbi tí orúkọ Yorùbá ti sọ iṣẹ́ nǹkan náà tó sì yé tolórí-tẹlẹ́mù, bíi asẹ́ afẹ́fẹ́, ìdérí, ọ̀pá ìwọn, òun ni kí a mú. Níbi tó bá jẹ́ pé orúkọ àyálò ni gbogbo ọjà ń pè, ká kọ ọ́ bí Yorùbá ṣe ń pè é, ká sì dúró lé e.

Fún epo, ohun tí mo rò pé ó yẹ ni ká yọ ọ̀rọ̀ náà kúrò pátápátá nígbà tó bá dá wà. Gbogbo ibi tí Gẹ̀ẹ́sì bá ti wí ti ohun tó ń jó, ká kọ bẹntiróòlù. Gbogbo ibi tó bá ti wí ti èyí tó ń mú irin yọ̀, ká kọ ọ́ìlì ẹ̀ńjìnnì. Bí epo nìkan kò bá ti sí nínú ìwé náà mọ́, kò sí ẹni tí yóò lè ṣì í mú. Èyí yàtọ̀ sí bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ nílé, mo mọ̀, nítorí gbogbo wa la máa ń sọ pé epo ti tán nínú jẹnẹ. Ṣùgbọ́n nílé, ẹni tí a ń bá sọ̀rọ̀ ń rí kẹ́ẹ̀gì lọ́wọ́ wa.

Àwọn ọ̀rọ̀ ìkìlọ̀ náà wà nínú àkójọ orúkọ yìí, àwọn ló sì lè gbẹ̀mí èèyàn jù bí wọ́n bá dà rú. Ìlànà ìwé ìlò ẹ̀rọ tí wọ́n ń tẹ̀ lé ní Amẹ́ríkà, ANSI Z535.6, ya ọ̀rọ̀ mẹ́rin sọ́tọ̀. Àkọ́kọ́ jẹ́ fún ohun tí yóò pa èèyàn tàbí ṣe é léṣe gidigidi bí kò bá yẹra. Èkejì jẹ́ fún ohun tó lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀kẹta jẹ́ fún ìpalára tí kò le púpọ̀. Ẹ̀kẹrin jẹ́ fún ohun tó lè ba ẹ̀rọ tàbí dúkìá jẹ́, láìkan ara èèyàn. Ẹ̀rọ ògbufọ̀ sábà máa ń kọ "ìkìlọ̀" sí mẹ́ta nínú wọn. Nígbà náà, gáàsì olóró inú èéfín, tí kò ní àwọ̀, tí kò ní òórùn, tó sì ti pa odindi ìdílé mọ́ inú yàrá, á wá gba orúkọ kan náà pẹ̀lú omi ọṣẹ tó lè ba ọ̀dà ara jẹnẹrétọ̀ jẹ́. Mo máa ń fẹ́ kí a lo "Ewu ikú" fún àkọ́kọ́, "Ìkìlọ̀" fún èkejì, "Ẹ ṣọ́ra" fún ẹ̀kẹta, "Àkíyèsí" fún ẹ̀kẹrin, kí ọ̀kankan má sì yà sí ipò èkejì láti ojú ìwé àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn.

Bí àkójọ orúkọ bá ti wà lọ́wọ́, ọwọ́ á máa yá èèyàn láti ní kí kọ̀ǹpútà pààrọ̀ gbogbo "epo" sí "bẹntiróòlù" lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ìdajì nínú epo wọ̀nyẹn lè jẹ́ ọ́ìlì, ìpààrọ̀ náà yóò sì wá sọ àìdájú di àṣìṣe tó dájú. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni a gbọ́dọ̀ wo Gẹ̀ẹ́sì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ká tó yí i. Ìpààrọ̀ kárí ìwé yẹ kìkì fún ọ̀rọ̀ tí kò ní ìtumọ̀ méjì, bíi kí a sọ "olùpilẹ̀ṣẹ̀" di jẹnẹrétọ̀.

Níbi ìpààrọ̀ yìí, Yorùbá ní wàhálà tirẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì kò ní. Lẹ́tà wa tó ní àmì lókè àti nísàlẹ̀ ṣe é tọ́jú sínú kọ̀ǹpútà ní ọ̀nà tó ju ẹyọ kan lọ. Ẹ mú ẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ "ẹ̀rọ". Ó lè jẹ́ ẹ tó ti ní àmì ìsàlẹ̀ tí wọ́n wá fi àmì ohùn lé, ó lè jẹ́ è tó ti ní àmì ohùn tí wọ́n wá fi àmì ìsàlẹ̀ sí, ó sì lè jẹ́ e lásán tí wọ́n fi àmì méjèèjì tẹ̀ lé. Lójú, kò sí ìyàtọ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá wá ọ̀kan nínú ìwé, ọ̀pọ̀ ètò kọ̀ǹpútà kò ní rí àwọn yòókù. Atúnṣe á rò pé òun ti pààrọ̀ orúkọ kan tán, orúkọ náà á sì ṣì wà níbi púpọ̀. Àwọn mìíràn tún máa ń fi ìlà kékeré tó nàró sábẹ́ lẹ́tà dípò àmì tó rí róbótó. Ohun tó ń yanjú rẹ̀ ni kí a sọ gbogbo ìwé di irú kan kí a tó fọwọ́ kàn án:

```python
import unicodedata
t = open("iwe_ilo.txt", encoding="utf-8").read()
t = t.replace("\u0329", "\u0323")
t = unicodedata.normalize("NFC", t)
```

Ìlà kẹta sọ ìlà tó nàró di àmì róbótó, èyí tó tẹ̀ lé e sì tò gbogbo àmì yòókù ní ọ̀nà kan ṣoṣo. Àyẹ̀wò rẹ̀ kò le: bí a bá wá "ẹ̀rọ" ṣáájú rẹ̀ àti lẹ́yìn rẹ̀, tí iye tí a rí lẹ́yìn bá pọ̀ sí i, a jẹ́ pé àwọn kan ti sá pamọ́ tẹ́lẹ̀.

Orúkọ ló yẹ kó ṣáájú, nítorí bí a bá tún gbólóhùn tò kí orúkọ tó dúró, a ó tún padà wá tú u ká. Bí orúkọ bá ti dúró ni ọ̀rọ̀ tító wá kàn. Ẹ jẹ́ ká mú abala kan wò, èyí tó ń kọ́ oníbàárà bí yóò ṣe yẹ ọ́ìlì wò. Báyìí ni Yorùbá ẹ̀rọ ṣe máa ń rí:

"Ìpele epo gbọ́dọ̀ jẹ́ yíyẹ̀wò nípasẹ̀ olùṣiṣẹ́ pẹ̀lú monomono lórí ìpele ojú ilẹ̀ àti ẹ̀ńjìnnì dúró. Yọ epo kíkún fìlà/dípísítìkì kí o sì nù ún mọ́. Fi dípísítìkì sínú ọrùn kíkún láìsí yíyí i wọlé. Ṣàfikún epo tí a dámọ̀ràn sí ìlà òkè bí ìpele bá jẹ́ kékeré. Sísáré ẹ̀ńjìnnì pẹ̀lú epo kékeré lè fa ìbàjẹ́ tó ṣe pàtàkì."

Orúkọ inú rẹ̀ la ti mọ bí a ó ṣe tún ṣe. Ẹ wo egungun rẹ̀ wàyí. Gbólóhùn àkọ́kọ́ kò sọ ẹni tí yóò ṣiṣẹ́ títí ó fi dé àárín, ohun tí wọ́n fẹ́ yẹ̀ wò ni wọ́n gbé síwájú, tí wọ́n wá ní kó "jẹ́ yíyẹ̀wò nípasẹ̀" ẹnì kan. Yorùbá kì í pàṣẹ báyẹn. Bí a bá fẹ́ kí ẹnì kan ṣe nǹkan, a máa ń sọ fún un pé kó ṣe é. Olùṣiṣẹ́ tí wọ́n ń wí yẹn sì ni òǹkàwé fúnra rẹ̀, nítorí náà "ẹ" ló tọ́ sí i. Ibí yìí náà ni ẹ̀rọ ti máa ń dà á rú, tó máa ń pe oníbàárà ní "o" lójú ìwé kan, tó sì máa ń pè é ní "ẹ" ní òmíràn. Ẹni tó ra jẹnẹrétọ̀ lè jẹ́ bàbá àgbà, ìwé kò sì mọ ọjọ́ orí ẹni tó ń kà á. "Ẹ" ni kí ó lò jálẹ̀.

Gbólóhùn kẹrin gbé iṣẹ́ ṣáájú ìdí. Ó ní kí a fi epo kún un, ó wá sọ lẹ́yìn pé bó bá kéré ni o. Nínú ìwé ìlò, ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ṣe nǹkan bí wọ́n ṣe ń kà á, ọwọ́ kan lára ìwé, ọwọ́ kan lára ẹ̀rọ. Nígbà tí wọ́n bá fi máa ka "bí ìpele bá jẹ́ kékeré", wọ́n ti da ọ́ìlì. Yorùbá àdáyébá máa ń fi "bí" àti "tí" síwájú nínú irú ọ̀rọ̀ yìí, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Bákan náà ni ti "lẹ́yìn tí". Bí Gẹ̀ẹ́sì bá ní kí a yí fáàfù bẹntiróòlù sí OFF lẹ́yìn tí ẹ̀ńjìnnì bá ti dúró, kí Yorùbá sọ pé: "Bí ẹ̀ńjìnnì bá ti dúró, ẹ wá yí fáàfù bẹntiróòlù sí OFF." OFF yẹn ní tirẹ̀, ká fi í sílẹ̀ bó ṣe wà, nítorí òun ni ojú oníbàárà yóò rí lára jẹnẹrétọ̀.

"Epo kíkún fìlà" jẹ́ àpẹẹrẹ egungun Gẹ̀ẹ́sì tó ṣì dúró nínú ẹran Yorùbá. Gẹ̀ẹ́sì máa ń to orúkọ jọ, tí nǹkan náà gan-an á sì wà nígbẹ̀yìn. Tiwa ni pé kí nǹkan náà ṣáájú, kí ohun tó ń ṣàlàyé rẹ̀ tẹ̀ lé e: ìdérí ihò ọ́ìlì. Bí orúkọ tí Gẹ̀ẹ́sì tò jọ bá tó mẹ́rin, kó má ṣe jẹ́ pé a kàn yí wọn sódì. Iná pupa kékeré tó ń tàn bí ọ́ìlì bá ti lọ sílẹ̀, ẹ̀rọ lè pè é ní "iná ìkìlọ̀ epo kékeré". Bí wọ́n bá bi mí, "iná tó ń sọ pé ọ́ìlì ti lọ sílẹ̀" ni mo máa kọ níbi tí àlàyé bá wà. Níbi àwòrán tí àyè kò pọ̀, tí ọfà kan kàn tọ́ka sí i, "iná ọ́ìlì" tó, bí a bá ṣáà ti kọ ọ́ sínú àkójọ orúkọ pé ohun kan náà ni méjèèjì.

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn nínú abala yẹn fẹ́ràn láti tan atúnṣe tó bá ń kánjú jẹ. "Ìbàjẹ́ tó ṣe pàtàkì" dún dáadáa létí. Ṣùgbọ́n ohun tó ṣe pàtàkì lójú Yorùbá ni ohun tó níyì, tí a kò gbọ́dọ̀ fojú fò. Ìbàjẹ́ tí Gẹ̀ẹ́sì ń wí níbẹ̀ ni èyí tó le. "Sísáré ẹ̀ńjìnnì" náà ti ibi kan náà wá: Gẹ̀ẹ́sì lo ọ̀rọ̀ kan fún ẹni tó ń sáré àti ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́. Abala náà wá di báyìí:

"Ẹ yẹ ọ́ìlì ẹ̀ńjìnnì wò. Ẹ pa ẹ̀ńjìnnì, kí jẹnẹrétọ̀ sì wà lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú. Ẹ tú ìdérí ihò ọ́ìlì. Ọ̀pá ìwọn ọ́ìlì wà lára rẹ̀. Ẹ nu ọ̀pá náà gbẹ. Ẹ tì í bọ inú ihò, ẹ má ṣe lọ́ ọ, kí ẹ sì fà á yọ padà. Bí ọ́ìlì kò bá dé ìlà òkè, ẹ da irú ọ́ìlì tí a sọ sí i títí yóò fi dé ìlà náà. Bí ẹ̀ńjìnnì bá ṣiṣẹ́ nígbà tí ọ́ìlì kò tó, ó lè bàjẹ́ gidigidi."

Ẹ kíyè sí i pé a kò fi ohunkóhun kún ohun tí ilé iṣẹ́ sọ. A kò sọ irú ọ́ìlì tàbí ìwọ̀n tí wọn kò sọ níbẹ̀. Àwọn ìgbésẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì kó pọ̀ sínú gbólóhùn kan la tú ká, kí ọwọ́ àti ojú lè jọ máa lọ. "Ẹ má ṣe lọ́ ọ" ṣe kókó níbẹ̀. Bí èèyàn bá lọ́ ìdérí wọlé kó tó wò ó, ọ̀pá á wọlé jìnnà, ọ́ìlì á sì dà bí ẹni pé ó pọ̀ ju bó ṣe wà lọ.

Lẹ́yìn orúkọ àti ètò ọ̀rọ̀, ìkà kan ṣì kù tí mo gbà pé ó yẹ kí atúnṣe dá ṣe lọ́tọ̀, kó má ka ohun mìíràn nígbà náà ju nọ́ńbà àti ọ̀rọ̀ "má" lọ. Ẹ̀rọ ògbufọ̀ máa ń jẹ ọ̀rọ̀ ìkọ̀sílẹ̀ mọ́lẹ̀ nígbà mìíràn, pàápàá nínú gbólóhùn gígùn, tí "ẹ má ṣe da bẹntiróòlù sí i nígbà tí ẹ̀ńjìnnì ṣì gbóná" á wá di òdìkejì rẹ̀. Kí a ka iye ìgbà tí Gẹ̀ẹ́sì sọ pé kí a má ṣe nǹkan, kí a sì ka ti Yorùbá. Bí wọn kò bá dọ́gba, kí a wá ìdí rẹ̀. Nọ́ńbà náà ní àrékérekè. Ọ̀pọ̀ ìwé ìlò ẹ̀ńjìnnì kékeré ló ní kí a pààrọ̀ ọ́ìlì lẹ́yìn oṣù àkọ́kọ́ tàbí wákàtí 20, lẹ́yìn náà kí a máa ṣe é ní oṣù 6 tàbí wákàtí 100, èyí tó bá kọ́kọ́ pé. Ẹ̀rọ lè kọ nọ́ńbà méjèèjì dáadáa kó sì gbàgbé "èyí tó bá kọ́kọ́ pé". Oníbàárà tó ń tan jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ fún wákàtí mẹ́fà lójúmọ́ á wá máa dúró de oṣù 6, nígbà tó jẹ́ pé láàárín ọjọ́ 17 ni wákàtí 100 ti pé.

Ẹni tó bá ti ka Gẹ̀ẹ́sì àti Yorùbá pọ̀ tó báyìí kò tún lè fi ojú tuntun wo iṣẹ́ rẹ̀ mọ́, nítorí ó ti mọ ohun tí gbólóhùn ń sọ kó tó kà á. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ kí àyẹ̀wò ìkẹyìn wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Kí a fún ẹnì kan tó gbọ́ Yorùbá dáadáa, tí kò rí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀, ní ìwé náà àti jẹnẹrétọ̀ tí a kò tíì tan. Kí ó ka á sókè, kí ó máa ṣe ohun tó ń kà. Kí atúnṣe jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́, kó má sọ̀rọ̀. Ibi tí ẹni náà bá ti dúró láti tún gbólóhùn kan kà, ibẹ̀ ni iṣẹ́ ṣì wà. Ibi tó bá ti na ọwọ́ sí ihò tí kò yẹ, ibẹ̀ ni kí a padà sí kíákíá.

Ìgbà kan wà tí kò yẹ ká tún Yorùbá ẹ̀rọ ṣe rárá. Bí atúnṣe bá rí i pé gbólóhùn tí òun ń parẹ́ pọ̀ ju èyí tí òun ń fi sílẹ̀ lọ, yóò yá a kíákíá láti pa gbogbo rẹ̀ rẹ́ kó sì túmọ̀ ọ́ láti inú Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Ẹni tó ń tọ ẹ̀yìn egungun ẹlòmíràn máa ń fi díẹ̀ lára rẹ̀ sílẹ̀ láìmọ̀. Apá ìkìlọ̀, apá bí a ṣe ń tan ẹ̀rọ àti bí a ṣe ń pa á, kò sí ohun tó burú nínú kí a tún àwọn wọ̀nyẹn kọ látìbẹ̀rẹ̀, kí a sì lo iṣẹ́ ẹ̀rọ fún tábìlì àti àkójọ ẹ̀yà. Ṣùgbọ́n àwọn ilé iṣẹ́ máa ń san owó tó kéré fún àtúnṣe ju fún ìtumọ̀ lọ, nítorí wọ́n gbà pé ẹ̀rọ ti ṣe ìdajì iṣẹ́. Ní àwọn èdè tí ẹ̀rọ ti rí ìwé púpọ̀ kọ́, ó lè rí bẹ́ẹ̀. Nínú Yorùbá ìwé ìlò ẹ̀rọ, kò tíì rí bẹ́ẹ̀, kò sì tọ́ kí wọ́n máa dá owó lé e bíi pé ó ti rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin ògbufọ̀ tí wọ́n bá gbé irú iṣẹ́ yìí wá bá, kí ẹ tó dáhùn iye tí ẹ ó gbà, ẹ ní kí wọ́n fi ojú ìwé márùn-ún ránṣẹ́ láti àárín ìwé náà, ẹ ka iye orúkọ tí ẹ̀rọ fún jẹnẹrétọ̀ níbẹ̀, kí ẹ sì béèrè pé kí wọ́n jẹ́ kí ẹ rí jẹnẹrétọ̀ náà lójú.